Ta ló jẹ 9,600 náírà? Ẹ jẹ́ ká jọ ka rìsíìtì náà

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni. Aago mẹ́sàn-án ti lù kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. Gúrúùpù WhatsApp wa ni. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, a máa ń dá owó jọ láti ra oúnjẹ lọ́pọ̀ n'Ìbàdàn, torí ẹni tó bá ń ra ìrẹsì ní kóńgò kóńgò lásìkò yìí mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. Lọ́tẹ̀ yìí, 70,000 náírà lẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá, ó jẹ́ 420,000. Àǹtí tó dàgbà jù nínú wa ló lọ ọjà. Bó ṣe délé ló ya fọ́tò rìsíìtì, ó fi ránṣẹ́ sí wa, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìfowósowọ́pọ̀ o. 418,450 la ná. 1,550 ló kù lọ́wọ́ mi."

Kò pẹ́ tí àbúrò kan nínú wa fi fèsì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Mo ṣírò gbogbo ohun tó wà lórí rìsíìtì yìí lẹ́ẹ̀mejì, 408,850 ni mò ń rí. Níbo ni 9,600 náírà wà?"

Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. "Ẹ má bínú" tó ṣíwájú kò lè bo ìbéèrè tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹnì kan ti fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ẹlòmíì béèrè bóyá ti èyí tá a rà kọjá náà pé. Ẹnì kẹta ní ọlọ́jà ló yẹ ká mú, ká kúkú gbé rìsíìtì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, káyé rí olè. Gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí ń kà, àmì búlúù ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé mo ka òfin ní yunifásítì. "Lọ́yà, ẹ dá sí i o." Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òfin ni mo kọ́kọ́ mú jáde, ìwé àti bírò ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín lẹ́sẹẹsẹ, torí mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka rìsíìtì. Ohun tá a mọ̀ ni kéèyàn ro nọ́ńbà pọ̀, kó rí i pé kò bára mu, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè. Èmi ò gbà pé àpapọ̀ tí kò bára mu jẹ́ ẹ̀rí olè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí wọ́n tẹ̀ àti ohun tí ẹ rí ní ẹnu tirẹ̀, ó sì máa ń sọ ibi tó ti wá tẹ́ ẹ bá bi í léèrè.

Ohun tó wà lórí rìsíìtì náà rèé. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye tá a rà, èkejì ni owó ọ̀kan, ìkẹta ni owó gbogbo ìlà náà:

1. Ìrẹsì, àpò: 2, 74,500, 149,000
2. Òróró, kẹ́ẹ̀gì ńlá: 1, 82,000, 82,000
3. Ẹ̀wà ọlọ́yin, kóńgò: 15, 2,150, 32,250
4. Gàrí, kóńgò: 20, 1,150, 23,000
5. Sẹmó, àpò: 3, 13,800, 41,400
6. Sùpàgẹ́tì, páálí: 2, 18,600, 3?,200
7. Tòmátò inú ọ̀rá, páálí: 2, 9,850, 19,700
8. Epo pupa, kẹ́ẹ̀gì kékeré: 3, 8,700, 26,100
9. Mágì, ọ̀rá: 3, 1,400, 4,200
Àpapọ̀: 418,450

Àmì ìbéèrè tẹ́ ẹ rí ní ìlà kẹfà yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀. Màá débẹ̀.

Kí n tó ro ohunkóhun pọ̀, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo rìsíìtì náà ló wà nínú fọ́tò. Èyí jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì tó gùn máa ń ká, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sá mọ́ abẹ́ tábìlì, tàbí kí àtàǹpàkò ẹni tó yà á bo ìlà kan. Ẹlòmíì á ya á ní fọ́tò méjì, ìlà tó wà ní ìpẹ̀kun fọ́tò kìíní á tún fara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, ẹni tó ń ṣírò á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa ní nọ́ńbà láti 1 dé 9 ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kò sí èyí tó fò. Ó pé nìyẹn. Tí rìsíìtì ò bá ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi ẹni tó lọ ọjà pé oríṣi ọjà mélòó ló rà, kẹ́ ẹ ka ìlà.

Lẹ́yìn náà ni mo wo bóyá nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣeé kà. Irú bébà tí àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí ń lò kì í gba yíǹkì rárá. Oògùn kan ló wà lójú bébà náà tó máa ń dúdú tí ooru ẹ̀rọ bá kàn án. Ìdí nìyẹn tí rìsíìtì tẹ́ ẹ jù síwájú mọ́tò nínú oòrùn fi máa ń dúdú káàkiri tàbí kó ṣá títí kò fi ní sí ohun kan lójú rẹ̀ mọ́. Àǹtí ṣe dáadáa bó ṣe ya á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, etí àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ a sì fọ́. 7 a jọ 1. 8 a jọ 3 tàbí 0. 6 a jọ 5. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa, ẹ tẹ́ rìsíìtì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ yà á láti òkè tààrà láìtan iná fóònù sí i, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document` tàbí kẹ́ ẹ tẹ `HD` kí fọ́tò tó lọ.

Ní ti ìlà kẹfà, Àǹtí ti ká rìsíìtì náà sínú pọ́ọ̀sì, ibi tó ti ká gba orí nọ́ńbà kejì nínú owó sùpàgẹ́tì kọjá. Lójú fóònù àbúrò wa, 31,200 ló jọ. Lójú tèmi náà, ká sọ tòótọ́, 31,200 ló jọ. Ẹni tó bá ń wo apá ọ̀tún nìkan á gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n rìsíìtì kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ ọ́ ní apá òsì, níbi tí iye tá a rà àti owó ọ̀kan wà, ó tún sọ ọ́ ní apá ọ̀tún. Páálí méjì ni sùpàgẹ́tì, 18,600 ni ọ̀kan. 18,600 lọ́nà méjì jẹ́ 37,200. Kò sí bó ṣe lè di 31,200, torí 15,600 ni páálí kan ì bá jẹ́ nígbà náà, 18,600 sì hàn kedere níbẹ̀. Nọ́ńbà tó fara sin náà, 7 ni.

Ohun tó jẹ́ kí àbúrò wa ṣìnà nìyẹn, kì í sì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ó ní òun ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́, kéèyàn ṣírò lẹ́ẹ̀mejì lórí nọ́ńbà tó ṣì kà, àṣìṣe kan náà ló ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò lè ṣe sí i. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ fún un ló máa rò. Tó bá jẹ́ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó ro wọ́n pọ̀ sísàlẹ̀, ì bá ti rí i. Èmi ṣe ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ́ẹ̀: ẹ̀wà kóńgò 15 ní 2,150 jẹ́ 32,250, ó bára mu, sẹmó mẹ́ta ní 13,800 jẹ́ 41,400, ó bára mu. Gbogbo wọn ló bára mu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ro wọ́n pọ̀. Mo máa ń kọ àpapọ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, kí n lè mọ ibi tí mo dé tẹ́nì kan bá pè mí: ìrẹsì àti òróró jẹ́ 231,000. Ẹ̀wà sọ ọ́ di 263,250. Gàrí, 286,250. Sẹmó, 327,650. Sùpàgẹ́tì, 364,850. Tòmátò, 384,550. Epo pupa, 410,650. Mágì, 414,850. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí ojú máa ń gbójú fo ibi kan náà téèyàn bá gba ọ̀nà kan náà. 414,850 náà ni.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ò tíì parí. 9,600 tí wọ́n ń pariwo lé lórí ti di ìtàn, 6,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti sùpàgẹ́tì tá a ṣì kà. Ṣùgbọ́n 418,450 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, 414,850 ni mo rí. 3,600 náírà ṣì wà nílẹ̀ tí kò ní olówó.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti dúró, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, mo sọ fún yín!" Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í bi 3,600 léèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó bá owó ìlà kankan mu? Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ owó ìlà kan géérégé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò sí ìlà 3,600 lórí rìsíìtì wa. Mo tún pín in sí méjì, ó jẹ́ 1,800. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé tí ọlọ́jà bá yọ owó kúrò fún oníbàárà, àmọ́ tó ṣèèṣì fi kún un dípò kó yọ ọ́, ìlọ́po méjì owó náà ni ìyàtọ̀ máa jẹ́. Kò sí 1,800 níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dínwó kankan.

Ìbéèrè kejì: ṣé owó-orí ni? VAT jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020. Lórí 414,850, ó máa ju 31,000 lọ. 3,600 ò dé ìdajì ìdajì rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, oúnjẹ bí ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí kò yẹ kó ru owó-orí yìí. Níbi tí VAT ti máa ń dà èèyàn láàmú ni ṣọ́ọ̀bù ńlá, tí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà ti ní in nínú, tí wọ́n á sì tún kọ ọ́ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ rìsíìtì kẹ́ ẹ lè mọ iye tó jẹ́. Tí ọjà bá jẹ́ 10,750 pẹ̀lú VAT nínú, 750 ni VAT, 10,000 ni ọjà. Ẹni tó bá tún fi 750 kún 10,750, òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá gbèsè tí kò sí.

Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ṣé 9 pín in láìṣẹ́kù? Ẹ ro àwọn nọ́ńbà inú 3,600 pọ̀: 3 àti 6 jẹ́ 9. Ó pín in, ó jẹ́ 400. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí 9,600 tí àbúrò wa mú wá: 9 àti 6 jẹ́ 15, 9 ò pín in. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró sórí 9,600 kò ní rí ohunkóhun, torí àṣìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn nínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 9? Ẹ fi 414,850 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 418,450, ẹ wò wọ́n dáadáa. Àwọn nọ́ńbà kan náà ló wà nínú méjèèjì. 4 tó wà ní àyè ẹgbẹ̀rún àti 8 tó wà ní àyè ọgọ́rùn-ún ló gba ipò ara wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ jẹ́ 4,800. Ẹ yí wọn pa dà, ó di 8,400. Ìyàtọ̀ wọn, 3,600. Nọ́ńbà tó bá gun òkè láti àyè ọgọ́rùn-ún bọ́ sí àyè ẹgbẹ̀rún ń jèrè 900 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ ń pàdánù 900. Ìyẹn ni pé ìgbàkúùgbà tí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá pààrọ̀ ipò, 9 á wà nínú ìyàtọ̀ náà dandan. Ẹ tiẹ̀ lè mọ àwọn tó pààrọ̀: 3,600 pín sí 900 jẹ́ 4, a jẹ́ pé ẹ̀ ń wá nọ́ńbà méjì tí ọ̀kan fi 4 ju ìkejì lọ. 8 àti 4 rèé. Àwọn aṣírò owó mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, a kàn ń fi í sílẹ̀ fún wọn ni.

Ẹ má sì fi ṣe ọlọ́pàá o. Nínú gbogbo nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó tẹ̀ léra, ọ̀kan wà tí 9 máa pín, nítorí náà ó lè ṣèèṣì bọ́ sí i. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń bí irú ìyàtọ̀ yìí, ìyẹn òdo tó já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ 4,000 tó wá tẹ 400, 3,600 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ náà. Mo wá ìlà 400 tàbí 4,000 títí, n ò rí i. Bí gbogbo ìlà ṣe wá bára mu, tó sì jẹ́ pé àpapọ̀ nìkan ló ń ṣe ségesège, mo mọ̀ pé níbi tí wọ́n ti tẹ àpapọ̀ ni kí n lọ.

Ẹlòmíì á béèrè pé, kọ̀ǹpútà ṣe lè ro owó ṣì? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ̀rọ tó ń ro owó fúnra rẹ̀ kì í pààrọ̀ nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ro àpapọ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí fọ́tò yín, VAT, tàbí ọjà tí wọ́n yọ kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rìsíìtì tá a ń pè ní ti kọ̀ǹpútà lọ́jà wa, ọwọ́ èèyàn ló tẹ àpapọ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà á ro ó lórí ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́, á wá tẹ ohun tó rí síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Kódà lórí Excel, ẹni tó bá fi ìlà tuntun sábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn lè rí i pé àpapọ̀ ò ka ìlà tuntun náà, bí irú èyí:

```
=SUM(D2:D9)
```

Ìlà tó bọ́ sí D10 wà lójú bébà, kò sí nínú owó. Nígbà yẹn, ọlọ́jà ló pàdánù, ó sì ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ẹni tó máa gbé ìyẹn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo pe Àǹtí. "Ẹ kú alẹ́ o, mà."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ bi mí ni?" Ohùn rẹ̀ ti yí pa dà.

Mo ní, "Rárá, mà. Mo fẹ́ mọ iye tẹ́ ẹ san ni."

Ó ní trànsífáà lòun ṣe, ó sì fi álàátì báńkì ránṣẹ́ sí mi kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: 418,450. Ẹ wá wo ohun tí álàátì yẹn ṣe. Rìsíìtì nìkan ò lè sọ ẹni tí 3,600 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fi rìsíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ álàátì, ó hàn pé gbogbo owó tí wọ́n tẹ̀ ló kúrò lọ́wọ́ Àǹtí. Tí 3,600 bá wà níbì kan, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àǹtí pè é, ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wo ẹ̀dà rìsíìtì wa tó wà lọ́wọ́ yín. Ó jọ pé 4 àti 8 pààrọ̀ àyè nínú àpapọ̀." N ò sọ pé ó jí owó. N ò tiẹ̀ sọ pé ó gba owó lé. Ó ní kí n dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ó ń ka nọ́ńbà lábẹ́lẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ojú mi ni." Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, 3,600 ti wọlé sí àkáǹtì Àǹtí. Dípò 1,550, 5,150 ló wá kù nínú owó wa.

Ká ní a ti gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ síta lálẹ́ Sátidé ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ sọ òfin díẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan jẹ́ olè, tí ẹlòmíì sì kà á, ti ṣe ohun tí wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ fún, gúrúùpù èèyàn mẹ́fà sì tó kó jẹ́ pé ẹlòmíì kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ló máa fi hàn pé òótọ́ ni. Kí ló fẹ́ fi hàn? Fọ́tò tó ti ká lójú, tí 7 inú rẹ̀ jọ 1?

Ní ọwọ́ kejì, òfin ò fi oníbàárà sílẹ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tọdún 2018, ní kí ẹni tó ta ọjà fún wa ní àkọsílẹ̀, kí owó ọ̀kan àti iye tá a rà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpapọ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe wúlò tó. Tó bá jẹ́ pé "sùpàgẹ́tì 37,200" nìkan ni Alhájì kọ, láìsí 2 àti 18,600, kò sí bí n ò bá ṣe mọ̀ pé 7 ni, kì í ṣe 1. Rìsíìtì tó bá kàn kọ orúkọ ọjà àti owó gbogbo rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé. Ẹ tún lè rí `E.&O.E.` ní ìsàlẹ̀ àwọn rìsíìtì kan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí àṣìṣe tàbí ìgbàgbé bá wà níbẹ̀, àwọn lè tún un ṣe. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń nà án bíi pé àwọn nìkan ló wà fún. Irọ́ ni, àṣìṣe tó pa oníbàárà lára náà ṣeé tún ṣe.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí ò lè ṣe, mo sì sọ ọ́ fún wọn nínú gúrúùpù. Àpapọ̀ tó pé kò sọ pé ọjà pé. Tí wọ́n bá wọn gàrí kóńgò 19 tí wọ́n kọ 20, gbogbo rẹ̀ á bára mu pátápátá. Tí wọ́n bá na Àǹtí ní 13,800 fún sẹmó, tí wọ́n sì ta á fún ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní 13,000, rìsíìtì ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níwájú igbá ló lè mọ ìyẹn. Àwa tá a jókòó sílé tá à ń tẹ fóònù, bébà nìkan la lè yẹ̀ wò.

Àbúrò wa tọrọ àforíjì. Ó ṣe é dáadáa, ó pe Àǹtí, kò fi ránṣẹ́ lásán. Àǹtí ní òun ti gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a tún dá owó lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, kí ẹlòmíì lọ ọjà. Èmi ni wọ́n rán. Mo dé ọ̀dọ̀ Alhájì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo dúró tì í bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ro àpapọ̀ fúnra mi kí n tó sanwó. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun tún fọ́ọ̀mù náà ṣe, ẹ̀rọ ló ń ro àpapọ̀ báyìí.